Ta ló ń yọ owó yín, nígbà tí aláàpù kò ní káàdì yín lọ́wọ́?

*“Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbé áàpù ìdárayá kan sórí iPhone mi lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ 7, kò wù mí, mo pa á rẹ́. Síbẹ̀ owó ń kúrò ní báńkì mi lóṣooṣù. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, wọ́n ní àwọn ò ní káàdì mi lọ́wọ́, pé àwọn ò lè dá a dúró, àwọn ò sì lè dá owó padà. Ṣé wọ́n ń fi mí ṣeré ni? Ta ló wá ń yọ owó mi?”*

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Mo mọ̀ pé kò dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó fèsì lẹ́tà yín kò rí nọ́ńbà káàdì yín rí, kò mọ báńkì tí ẹ ń lò, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ orúkọ yín pàápàá. Ilé ìtajà tó wà nínú fóònù yín, ìyẹn App Store ti Apple, ló ta ọjà náà fún yín. Òun ló gbowó lọ́wọ́ yín, òun náà ló ṣì ń gbà á. Ìpín ni aláàpù ń gbà lẹ́yìn náà.

Èmi náà ti jókòó sídìí iṣẹ́ kí n máa dáhùn irú lẹ́tà tí ẹ kọ yẹn fún àwọn tó ṣe áàpù kan. Àwọn tó ń bínú jù ni àwọn tó gbà pé irọ́ là ń pa. N kò lè bá wọn jà, nítorí bọ́tìnì tí wọ́n tẹ̀ wà nínú áàpù wa, àwọ̀ wa ló wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ló wà lórí rẹ̀. Báwo ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lòun ti ra nǹkan?

Ẹ padà sí ọjọ́ tí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtọ́wò yẹn. Bí ìka yín ṣe kúrò lórí rẹ̀, pátákó kan yọ láti ìsàlẹ̀ ojú fóònù, ó sì bo apá kan áàpù náà mọ́lẹ̀. Àwòrán kékeré áàpù náà wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ètò tí ẹ ń rà, ọjọ́ tí ìtọ́wò máa parí, iye tí wọn yóò máa yọ lẹ́yìn ìyẹn, àti àdírẹ́sì ímeèlì kan tí ojú kì í sábà dé. Fóònù wá ní kí ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ sì wo kámẹ́rà, tàbí kí ẹ fi ìka yín sí i. Pátákó yẹn kì í ṣe ti áàpù. Apple ló ni ín. Áàpù kò lè wo inú rẹ̀, kò sì lè mọ̀ bóyá ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀ títí Apple yóò fi sọ fún un. Ímeèlì ìsàlẹ̀ yẹn ni orúkọ àkáǹtì tí owó máa ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ fi í sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ohun tí áàpù ṣe níbẹ̀ kò ju kó dárúkọ ọjà kan fún Apple, bí ẹni tó ń sọ pé “ẹ bá mi ta ti olóṣù kan fún oníbàárà yìí.” Apple ló ní káàdì yín ní ìpamọ́, láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣí àkáǹtì tàbí láti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ ra nǹkan níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè búra pé ẹ kò fún ẹnikẹ́ni ní káàdì. Òótọ́ ni, ẹ kò fún *aláàpù* yẹn. Nígbà tí ẹ gbà, Apple kọ àkọsílẹ̀ kan, ó fọwọ́ sí i lọ́nà tí ẹlòmíràn kò lè fi ṣe ayédèrú, ó sì fi ránṣẹ́ sí áàpù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ rí báyìí:

```
"originalTransactionId": "410001234567890",
"productId": "idaraya.osukan",
"type": "Auto-Renewable Subscription",
"expiresDate": 1760000000000
```

Nọ́ńbà ìlà àkọ́kọ́ ni ti ìrajà yín, ìlà kejì ni orúkọ ọjà, ìkẹta ní irú ọjà tí ń tún ara rẹ̀ rà ni, ìkẹrin sì ni ọjọ́ tí sáà yìí máa parí. (Nọ́ńbà gbọọrọ yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Kọ̀ǹpútà ń ka àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ó sì ń pín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 1,000. Tí ẹ bá tú eléyìí, ọjọ́ kan nínú Oṣù Kẹwàá 2025 ni.) Àwọn ìlà míì ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ lè wá orúkọ, ímeèlì àti nọ́ńbà káàdì yín níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ kò ní rí wọn. Tí ẹ bá kọ̀wé pé “èmi Lágbájá, ẹ dá owó mi padà,” ẹni tó jókòó síbi tí mo jókòó sí rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú nọ́ńbà yẹn, kò sì mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú wọn.

Ní ti owó, Apple ló ń yọ ọ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba ìpín tirẹ̀, ó sì ń san ìyókù fún aláàpù lápapọ̀, owó gbogbo oníbàárà pọ̀ sójú kan. Ìpín tí wọ́n ti ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni 30 nínú 100. Fún ètò oṣooṣù bíi tiyín, ó ń dín kù sí 15 nínú 100 tí oníbàárà bá ti wà lórí ètò náà ju ọdún kan lọ. Láti ọdún 2021 sì ni àwọn aláàpù kéékèèké tó bá forúkọ sílẹ̀, àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò kọjá mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́dún, ti ń san 15 láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí náà, nígbà tí owó yín kúrò ní báńkì, kò tíì dé ọwọ́ aláàpù. Kí ó tó dé, ó ti dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, kò sì sí ọ̀nà tí yóò fi yọ tiyín sọ́tọ̀ kó dá a padà sí káàdì tí kò mọ̀.

Ohun kan wà tó ń da ojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn lórí sítétímẹ́ǹtì báńkì. Orúkọ áàpù kì í sí níbẹ̀. `APPLE.COM/BILL` ni wọ́n máa ń rí. Iye tó wà níwájú rẹ̀ sì lè má bá iye áàpù yẹn mu, nítorí Apple lè kó ìrajà bíi mélòó kan pọ̀ kó yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá owó àfikún àyè iCloud yín pẹ̀lú ti áàpù ìdárayá. Ọjọ́ náà lè yẹ̀. Tí káàdì kò bá sì lówó nínú, kì í ṣe pé ó parí síbẹ̀: Apple lè máa padà wá gbìyànjú fún ọjọ́ 60. Mo ti rí ẹni tó rò pé òun ti bọ́ nítorí káàdì òun ṣófo, tó wá rí i pé owó fò lọ lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe gan-an: ẹ pa áàpù rẹ́. Àdéhùn oṣooṣù náà kò sí nínú áàpù, inú àkáǹtì yín ní ilé ìtajà ló wà. Bí ẹni tó da ìwé ìròyìn tó rà nù ni, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé fẹ́ńdọ̀. Àwọn iPhone ìsinsìnyí máa ń béèrè, nígbà tí ẹ bá ń pa irú áàpù bẹ́ẹ̀ rẹ́, bóyá ẹ fẹ́ kí ètò náà máa lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń ka nǹkan nígbà tó ń pa nǹkan rẹ́?

Ti ìtọ́wò náà ní ìkẹ́kùn tirẹ̀. Ká ní ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù, ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ọjọ́ 7 ti ìtọ́wò yóò parí ní ọjọ́ 8 ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ṣùgbọ́n Apple lè yọ owó sáà tó kàn láàárín wákàtí 24 tó ṣáájú, torí náà aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ 7 ni òpin tiyín láti wọ́gi lé e. Ẹni tó fi í di àárọ̀ ọjọ́ 8 lè ti pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wà nínú ọjọ́ ìtọ́wò rẹ̀. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ wọ́gi lé e rárá, nítorí náà wọ́n ti yọ ti àkọ́kọ́, ti ìkejì sì tẹ̀ lé e.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe lónìí ni kí ẹ dá ti oṣù tó ń bọ̀ dúró. Ẹ ṣí `Settings`, ẹ tẹ orúkọ yín lókè, ẹ wọ `Subscriptions`. Áàpù náà yóò wà níbẹ̀ bí ẹ tiẹ̀ ti pa á rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sísàlẹ̀, ẹ tẹ `Cancel Subscription`. Tí ẹ kò bá rí bọ́tìnì yẹn, tí ẹ sì rí ọjọ́ tí ètò náà máa parí, a jẹ́ pé wọ́n ti wọ́gi lé e tẹ́lẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ máa pàdánù ohun tí ẹ ti sanwó rẹ̀: oṣù tí ẹ ti san ṣì jẹ́ tiyín títí yóò fi pé.

Tí áàpù náà kò bá sí nínú àkójọ yẹn rárá ńkọ́, tí owó sì ń lọ? Ibẹ̀ ni ímeèlì ìsàlẹ̀ pátákó yẹn ti wúlò. iPhone gbà kí èèyàn lo àkáǹtì kan fún iCloud, kó sì lo òmíràn fún ìrajà, ẹni tó bá sì ti pààrọ̀ ímeèlì rí lè ní àkáǹtì méjì láìrántí. Ẹ lọ sí `Media & Purchases`, lábẹ́ orúkọ yín, ẹ wo àkáǹtì tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ gbogbo àpótí ímeèlì tí ẹ ní, ti àtijọ́ pẹ̀lú, ẹ wá rìsíìtì Apple. Rìsíìtì yẹn ló dárúkọ áàpù tí sítétímẹ́ǹtì báńkì fi pamọ́, ó sì sọ àkáǹtì tó rà á. Àkáǹtì yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ fi wọlé kí ẹ tó lè rí ètò náà.

Tí kò bá sí rìsíìtì kankan níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ilé. Níbi tí ìdílé bá ti jọ ń lo Family Sharing, tí wọ́n sì ṣí ìrajà àjùmọ̀ṣe, káàdì olórí ẹgbẹ́ ìdílé yẹn ni Apple sábà ń gbówó lé, kódà bí ẹlòmíràn ló rà á. Ọmọ lè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tirẹ̀ kí owó kúrò nínú báńkì ìyá rẹ̀. Ètò náà yóò wà lábẹ́ àkáǹtì ọmọ, ìyá kò sì ní rí i nínú `Subscriptions` tirẹ̀. Lórí fóònù ọmọ ni wọ́n ti máa wọ́gi lé e.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá a dúró ni kí ẹ béèrè owó tó ti lọ. Ẹ lọ sí `reportaproblem.apple.com`, ẹ fi àkáǹtì tó rà á wọlé. Ẹ yan `Request a refund`, ẹ yan ìdí, ẹ sì tọ́ka sí ìrajà tí ẹ ń sọ. Oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìrajà tirẹ̀ níbẹ̀, torí náà ẹ má gbàgbé èyíkéyìí nínú wọn. Tí owó oṣù yìí bá ṣì wà ní ipò pé wọn kò tíì gbà á tán, kò ní jẹ́ kí ẹ béèrè rẹ̀, ẹ padà lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìdáhùn máa ń wá láàárín wákàtí 24 sí 48. Apple lè kọ́kọ́ bi aláàpù bí ẹ ṣe lo nǹkan náà tó, ó sì ń fún un ní wákàtí 12 láti fèsì, ṣùgbọ́n Apple nìkan ló ń dájọ́. Ní tèmi, ẹni tó kọ ọ́ ṣókí pé òun pa áàpù rẹ́ lọ́jọ́ báyìí, òun kò sì lò ó mọ́ láti ìgbà náà, ti sọ tó. Ìtàn gígùn kò ràn án lọ́wọ́. Mi ò lè ṣèlérí pé wọn yóò dá gbogbo rẹ̀ padà. Owó oṣù tó kẹ́yìn ni mo gbọ́kàn lé jù.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ bá báńkì pé kí wọ́n fipá gba owó náà padà. Apple lè kà á sí gbèsè lórí àkáǹtì yín, àkáǹtì tó bá sì ní gbèsè lè má rí nǹkan rà mọ́ títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀. Ọ̀nà ìkẹyìn ni, kì í ṣe ti àkọ́kọ́.

Ǹjẹ́ aláàpù kò wúlò fún nǹkan kan rárá ni? Ó wúlò díẹ̀. Lórí rìsíìtì yín, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní `Order ID`. Tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n lè fi bi Apple, kí wọ́n sì rí ìrajà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè fi ọjọ́ kún sáà yín láìgbowó, tó 90 ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ áàpù náà ṣùgbọ́n tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín. Wíwọ́gi lé e àti dídá owó padà ni wọn kò lè ṣe. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fèsì lẹ́tà kì í sọ ti `Order ID` yìí. “Ẹ lọ bá Apple” ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á sì ti fáìlì náà pa.

Ẹni tó ń lo Android, tó ń ka èyí, kó má ṣe gbé gbogbo ohun tí mo sọ lọ bó ṣe wà. Ìlànà kan náà ni: Google Play ló ni pátákó ìsanwó, òun ló ní káàdì, pípa áàpù rẹ́ kò sì dá nǹkan kan dúró. Inú Google Play ni wọ́n ti ń wọ́gi lé e: ẹ tẹ àwòrán yín, ẹ wọ `Payments & subscriptions`, lẹ́yìn náà `Subscriptions`. Tí àkáǹtì Google méjì bá wà lórí fóònù, ẹ tẹ àwòrán yẹn kí ẹ sì wo ìkejì pẹ̀lú. Ibi tó ti yàtọ̀ ni owó dídá padà. Google gba aláàpù láàyè láti dá owó padà fúnra rẹ̀ láti ibi ìṣàkóso tirẹ̀. Láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ Google ni kí ẹ ti béèrè. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, Google fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí ẹ lọ bá aláàpù. Ẹ fi nọ́ńbà rìsíìtì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `GPA.` ránṣẹ́ sí i. Aláàpù Android tó bá sọ fún yín pé òun kò lè dá owó padà rárá, ẹ lè bi í léèrè dáadáa.

Ohun míì tún wà lọ́dọ̀ Google tí mo fẹ́ràn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbowó, áàpù gbọ́dọ̀ fèsì fún Google pé òun ti gbọ́, òun sì ti fún oníbàárà ní ohun tó rà. Tí ọjọ́ 3 bá kọjá tí kò fèsì, Google yóò dá owó padà fúnra rẹ̀, yóò sì gba nǹkan náà padà. Nítorí náà, ẹni tó ra nǹkan nínú eré kan, tí nǹkan náà kò dé, tí ó wá rí owó rẹ̀ tó padà wọlé ní ọjọ́ kẹrin, kò jẹ́ pé ẹnì kan ṣàánú rẹ̀. Áàpù náà ló gbàgbé láti dáhùn.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ wo sítétímẹ́ǹtì yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjà tí ẹ ń lò lórí fóònù nìkan, bí ètò ìdárayá tàbí wúrà inú eré, ló sábà ń gba ilé ìtajà kọjá. Ohun tí èèyàn ń fọwọ́ kàn, bí aṣọ tàbí ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé yín, kì í gba ibẹ̀, àwọn aláàpù ń gbowó rẹ̀ fúnra wọn. Ààlà yẹn sì ti ń fẹ́lẹ́ sí i: láti ìgbà tí adájọ́ kan ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹrin 2025, àwọn aláàpù níbẹ̀ lè fi ìlínkì sínú áàpù wọn tó máa gbé oníbàárà lọ sanwó lórí wẹ́ẹ̀bù tiwọn. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ fún aláàpù, kò sì ní rí ètò náà nínú `Subscriptions` bó ti wù kó wá a tó. Tí ìlà tiyín bá jẹ́ `APPLE.COM/BILL`, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí bá yín mu. Tó bá jẹ́ orúkọ aláàpù yẹn gan-an ló wà níbẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń yọ owó lára káàdì tí wọ́n ní àwọn kò ní lọ́wọ́.